Kòkó Ní Àsìkò, Owó Rẹ̀ Ńkọ́?

Láàárín àwọn tí ń ra kòkó tí wọn kò ní fojú kàn láé, ìgbàgbọ́ kan wà tí ó ti pẹ́. Wọ́n ní owó kòkó máa ń wálẹ̀ nígbà tí ìkórè ńlá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ èbúté láti oṣù Kẹwàá, pé ó sì máa ń tún gòkè ní àárín ọdún nígbà tí ilé ìkẹ́rùsí bá ń gbẹ. Wọ́n ti yà á sórí ìwé, wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀, àwọn kan sì ń tà á fún ẹni tí ń wá ọ̀nà àtilówó. Ìgbàgbọ́ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, nítorí pé orí igi ni ó ti wá. Ohun tí mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ níhìn-ín ni bí àsìkò tí ó dájú lóko ṣe ń di ohun tí kò dájú mọ́ nígbà tí ó bá dé orí owó, àti ìwọ̀nba ibi tí a ṣì lè gbẹ́kẹ̀ lé nínú rẹ̀.

Láti oko ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Òdòdó kòkó kéré púpọ̀, ara igi gan-an àti ara ẹ̀ka ńlá ni ó sì ti ń yọ. Láti ìgbà tí òdòdó bá ti so títí èso yóò fi pọ́n, oṣù márùn-ún sí mẹ́fà ni. Òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ó ń mú òdòdó jáde lọ́pọ̀. Èyí tí ó bá so ní oṣù Karùn-ún àti Kẹfà ni àgbẹ̀ ń já láti oṣù Kẹwàá sí Kejìlá. Ìdí nìyí tí ìkórè ńlá fi máa ń lọ láti oṣù Kẹwàá di oṣù Kẹta, tí ìkórè kékeré yóò sì tẹ̀lé e títí di nǹkan bí oṣù Kẹjọ. Ohun méjì ni ó sábà máa ń da ètò yìí rú. Bí òjò bá pọ̀ jù láàárín oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án, àrùn kan a mú èso, èso a dúdú, a sì jẹrà sórí igi kí ó tó pọ́n. Bí ọyẹ́ bá le jù ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní, àwọn ọmọ èso a gbẹ, ìkórè kékeré tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Bí àgbẹ̀ bá já èso tán, ìrìn rẹ̀ ṣì kù. Yóò fọ́ èso, yóò kó hóró tútù inú rẹ̀ jọ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, òkìtì náà yóò gbóná, omi rẹ̀ yóò ṣàn dànù, hóró funfun inú rẹ̀ yóò sì pọ́n. Lẹ́yìn náà ni yóò sá a sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ bí òjò kò bá tíì dáwọ́ dúró. Oníkòkó yóò wá wọ̀n ọ́n, ọkọ̀ yóò gbé e lọ sí èbúté, wọ́n yóò sì tún yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Nítorí náà, èso tí a já ní oṣù Kẹwàá lè má dé ilé ìkẹ́rùsí ní ilẹ̀ Yúróòpù títí di oṣù Kejìlá. Ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ àsìkò kòkó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ àsìkò wo ni ó ń sọ: ti òdòdó, ti ìkórè, ti èbúté, àbí ti ilé ìkẹ́rùsí.

Igi yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Àwọn Potogí gbé e láti Bùràsíìlì wá sí erékùṣù Pírínsípè ní 1822, ó sì ti ibẹ̀ tàn dé Fanandopó. Ní nǹkan bí 1880, James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò Èkó tí gbèsè ti kó sí wàhálà, gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ìjàn, nítòsí Agége. Ní àkókò kan náà ni Tetteh Quarshie kó irúgbìn láti Fanandopó lọ sí Mampong ní ilẹ̀ Gánà. Láti Agége, níbi tí Jacob Kehinde Coker ti ní oko ńlá, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti ìlú mìíràn wá ṣiṣẹ́ kó irúgbìn padà sílé, kòkó sì wọ ilẹ̀ Ìbàdàn, Ifẹ̀, Oǹdó àti Èkìtì. Nígbà tí ó fi di 1911, ilẹ̀ Gánà, tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà, ni ó ń kó kòkó ránṣẹ́ jù lọ lágbàáyé.

Ìkórè àwọn ìlú yìí bọ́ sí oṣù kan náà. Ìyẹn ni ó dá ìṣòro sílẹ̀. Àgbẹ̀ púpọ̀ ni ó ń já kòkó lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì jọ nílò owó lẹ́ẹ̀kan náà fún owó orí, gbèsè, owó ilé-ìwé àti ìnáwó ìdílé. Ẹni tí ó ti gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ oníkòkó ní oṣù Keje kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ ní oṣù Kọkànlá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì ní òkè òkun kò fẹ́ kó owó gbogbo ọdún lé kòkó lórí láàárín oṣù mẹ́rin. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà láàárín tí yóò ra ẹrù náà nígbà tí ó pọ̀, tí yóò sì tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí ó wọ́n. Ẹni náà ni ewu owó wà lórí rẹ̀, ewu yìí ni ó sì bí ọjà tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọgbọ́n náà ti wà ṣáájú kòkó. Ní Òsákà ní ilẹ̀ Jàpáànù, ìjọba fọwọ́ sí ọjà Dojima ní 1730, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń ra ìrẹsì tí ó ṣì ń bọ̀, tí wọ́n sì ń tà á. Ní Ṣìkágò, àwọn oníṣòwò àlìkámà àti àgbàdo dá ọjà tiwọn sílẹ̀ ní 1848. Ó kan kòkó ní 1925, nígbà tí wọ́n ṣí ọjà rẹ̀ ní Niú Yọ́ọ̀kì, ti Lọ́ńdọ̀nù sì tẹ̀lé e ní 1928. Ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni àdéhùn ọjọ́ iwájú: ẹnì kan ṣèlérí láti fi kòkó fúnni ní oṣù kan pàtó, ẹnì kejì ṣèlérí láti gbà á ní iye tí wọ́n fẹnu kò sí lónìí. Lóde òní, tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ni àdéhùn kan, oṣù márùn-ún ni wọ́n sì máa ń dá: oṣù Kẹta, Karùn-ún, Keje, Kẹsàn-án àti Kejìlá. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn àdéhùn náà ni wọ́n ń fagi lé nípa títà padà kí ọjọ́ tó pé. Síbẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ lè dúró gba kòkó gidi, owó orí ìwé kò lè jìnnà sí owó inú ilé ìkẹ́rùsí nígbà tí ọjọ́ bá sún mọ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àsìkò ti yí padà, ó sì yẹ ká rọra kà á. Ká sọ pé oṣù Kejìlá ni, tọ́ọ̀nù kan kòkó sì jẹ́ 2,400 dọ́là. Bí mo bá rà á tí mo sì tọ́jú rẹ̀ di oṣù Kẹta, owó tí mo yá yóò gba èlé. Bí èlé bá jẹ́ ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ti oṣù mẹ́ta jẹ́ 36 dọ́là. Ká tún sọ pé owó ilé ìkẹ́rùsí àti ìdójútòfò jẹ́ 8 dọ́là lóṣù, 24 dọ́là nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60 dọ́là. Bí àdéhùn oṣù Kẹta bá wà ní 2,520 dọ́là nígbà yìí, oníṣòwò tí ó mọ iṣẹ́ yóò ra ti oṣù Kejìlá, yóò ta ti oṣù Kẹta lójú ẹsẹ̀, yóò tọ́jú ẹrù náà, yóò sì jẹ èrè 60 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan láìbẹ̀rù ohunkóhun. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ náà yóò dín kù títí yóò fi sún mọ́ 60 dọ́là. Èyí já sí pé ìgòkè tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé ó ń bọ̀ kò lè ju owó ìtọ́jú ẹrù lọ. Ẹni tí ó ra àdéhùn oṣù Kẹta ní 2,460 dọ́là nítorí pé kòkó máa ń wọ́n lẹ́yìn ìkórè, tí owó kòkó gidi sì gòkè láti 2,400 sí 2,460 bí ó ti sọ, kò jèrè kọ́bọ̀ kan. Ohun tí ó mọ̀ ti wà nínú iye tí ó san.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà kò ní ààlà bẹ́ẹ̀. A lè gbé kòkó òní lọ sí ọ̀la, ṣùgbọ́n a kò lè gbé kòkó ọ̀la wá sí òní. Bí ẹrù bá wọ́n nísinsìnyí, àdéhùn tí ó sún mọ́ lè wọ́n ju ti ọjọ́ iwájú lọ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún dọ́là, kò sì sí oníṣòwò tí ó lè fi ilé ìkẹ́rùsí dá a dúró. Ọ̀pọ̀ ọdún tí owó kòkó ti fò sókè lọ́nà tí ó dẹ́rù bani jẹ́ irú ọdún bẹ́ẹ̀.

Holbrook Working, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní yunifásítì Sítáńfọ́ọ̀dù, ni ó là á yé wa jù lọ ní 1949 pé ìyàtọ̀ láàárín oṣù kan àti òmíràn jẹ́ owó ìtọ́jú ẹrù, kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀. Àlùbọ́sà tún fún un ní ẹ̀rí mìíràn. Ní 1958, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de àdéhùn ọjọ́ iwájú lórí àlùbọ́sà, lẹ́yìn tí àwọn oníṣòwò kan kó ọjà Ṣìkágò sápá tí àwọn àgbẹ̀ sì pariwo. Working wá fi ìgbà tí ọjà náà kò tíì sí wé ìgbà tí ó gbilẹ̀. Ó rí i pé ìyàtọ̀ owó láàárín ìgbà ìkórè àti ìgbà ọ̀wọ́n kéré sí i nígbà tí ọjà náà wà. Àbájáde yìí ṣe pàtàkì gan-an fún ẹni tí ń gbẹ́kẹ̀ lé àsìkò: bí àwọn ènìyàn bá ti ń fi owó lé àsìkò lórí tó, bẹ́ẹ̀ ni àsìkò náà ń tẹ́jú sí i.

Ní ilẹ̀ tiwa, òṣèlú tún da ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Ní 1937, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tí ń ra kòkó fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti má ṣe bá ara wọn du ọjà mọ́. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast dá kòkó wọn dúró, wọn kò tà á láti ìgbà ìkórè 1937 títí wọ inú 1938, títí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi rán ìgbìmọ̀ Nowell wá. Ogun àgbáyé sì bẹ́, ìjọba gba gbogbo kòkó sí ìkáwọ́ ara rẹ̀, nígbà tí ó sì di 1947 a ti ní ìgbìmọ̀ ọjà kòkó ní Nàìjíríà àti ní Gold Coast. Àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí a dá iye kan kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀, iye náà ni àgbẹ̀ yóò sì gbà ní oṣù Kẹwàá àti ní oṣù Kẹta. Fún bí ogójì ọdún, àsìkò kò sí nínú owó tí ó ń wọ ọwọ́ àgbẹ̀ Nàìjíríà. Owó tí ìgbìmọ̀ yọ sápá ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi ṣe ọ̀pọ̀ ohun tí a ṣì ń yangàn rẹ̀. Inú iyì kòkó náà ni wọ́n sì ti sọ ilé gogoro tí ó parí ní Ìbàdàn ní 1965 ní Ilé Kòkó. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ mọ̀ pé òun ni òun san án. Owó orí àti iye kòkó tí kò tó nǹkan wà lára ohun tí ó mú kí Àgbẹ̀kọ̀yà dìde ní 1968 àti 1969.

Lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò Lọ́ńdọ̀nù àti Niú Yọ́ọ̀kì, ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ìwọ̀nba ọ́fíìsì díẹ̀ ni ó ń pinnu ìgbà tí kòkó ayé yóò wọjà. Ìgbìmọ̀ kan lè ta ìdajì ìkórè rẹ̀ kí èso tó pọ́n, ó sì lè jókòó lé e títí di ọdún tí ń bọ̀. Nígbà tí owó kòkó fò kọjá 5,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù ní Niú Yọ́ọ̀kì ní oṣù Keje 1977, kò sí ẹni tí ó fẹ́ rò pé àsìkò ni; ọ̀wọ́n gidi ni, pẹ̀lú ìbẹ̀rù lórí rẹ̀. Nàìjíríà fọ́ ìgbìmọ̀ rẹ̀ ká ní 1986, nígbà ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, láti ìgbà náà ni owó àgbẹ̀ wa sì ti ń tẹ̀ lé ti Lọ́ńdọ̀nù. Ilẹ̀ Gánà di ìgbìmọ̀ tirẹ̀ mú. Ilẹ̀ Ivory Coast, tí nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kòkó ayé ti ń wá, tú ọjà sílẹ̀ ní ìparí ọdún 1990 sí 1999, ó sì tún gbà á padà ní nǹkan bí 2012. Láti ìgbà náà ni ó ti ń ta èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìkórè rẹ̀ fún àwọn olùrà kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀. Olùrà tí ó gba kòkó yẹn a sì tètè ta àdéhùn lórí ọjà láti dáàbò bo ara rẹ̀. Títa tí ó yẹ kó wọjà ní oṣù Kẹwàá ti wọjà kí òdòdó tó yọ.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá kó owó kòkó láti 1960 di òní jọ, tí ó wá ń wá àròpín oṣù kọ̀ọ̀kan, ọjà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò jọra ni ó pò pọ̀ sójú kan.

Kọ̀ǹpútà ló mú kí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ rọrùn. Ọ̀nà rẹ̀ kò le: a ó mú iye oṣù kọ̀ọ̀kan, a ó pín in nípa àròpín oṣù méjìlá tí ó yí i ká, a ó wá wá àròpín ohun tí a rí fún oṣù náà ní gbogbo ọdún. Àṣìṣe kìn-ín-ní máa ń wọlé kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀. Àdéhùn kan kì í pẹ́, nítorí náà wọ́n ń so ti oṣù Kejìlá mọ́ ti oṣù Kẹta kí àwòrán lè gùn. Bí ẹni tí ó so ó kò bá yọ 60 dọ́là tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan kúrò, àwòrán yóò fò sókè ní ojú ìsopọ̀ náà lọ́dọọdún, yóò sì dà bí àsìkò. Kò sí ẹni tí ó jẹ owó yẹn rí.

Àṣìṣe kejì ló ń pa ènìyàn jù. Wọ́n á sọ fún ọ pé láti ọ̀sẹ̀ báyìí sí ọ̀sẹ̀ báyìí, kòkó gòkè ní ọdún 13 nínú 15 tí ó kọjá. Ó dún bí ẹni pé ó dájú. Bí a bá ta kọ́bọ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, ìgbà tí orí yóò hàn lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ ẹyọ kan nínú nǹkan bí 271, lóòótọ́ ni pé ó ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá a kò ta kọ́bọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ 52 ni ó wà nínú ọdún. Bí a bá lè rà ní ọ̀sẹ̀ èyíkéyìí kí a sì tà ní èyíkéyìí lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà 1,326 ni ó wà. Ẹ pín in sí 271. Nǹkan bí márùn-ún nínú wọn ni yóò gòkè ní ọdún 13 nínú 15 bí owó kòkó kò bá tilẹ̀ ní àsìkò kankan, tí ó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ lásán ló ń gbé e. Márùn-ún mìíràn yóò sì wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Kọ̀ǹpútà yóò kó wọn jáde láàárín ìṣẹ́jú kan, àwọn tí ń tà á kò sì ní sọ fún oníbàárà pé nǹkan bí 1,300 mìíràn ni àwọn dà nù.

Ìdáàbòbò kan wà tí mo gbà gbọ́, ó sì rọrùn: kí ẹni tí ó fẹ́ gba àsìkò gbọ́ kọ́kọ́ sọ ohun tí ó fà á lóko tàbí ní èbúté kí ó tó wo àwòrán rárá. Ọ̀sẹ̀ tí kò bá òdòdó, òjò, ọyẹ́ tàbí ìkórè mu, bí ó bá gòkè ní ọdún 15 nínú 15, èmi kò ní fi owó lé e.

Síbẹ̀, ìdí tòótọ́ náà kò tó. Ẹ wo ohun tí ìkórè ńlá mẹ́ta ṣe láàárín ọdún mẹ́rìnlá.

Ní oṣù Keje 2010, Anthony Ward àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Armajaro, dúró gba kòkó gidi lórí ọjà Lọ́ńdọ̀nù, ó lé ní tọ́ọ̀nù 240,000, owó sì fò. Ìkórè ńlá wá dé. Ó pọ̀ gan-an ní ọdún náà, ó sì yẹ kó tẹ owó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdìbò ààrẹ ní Ivory Coast dá ìjà sílẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2011, Alassane Ouattara ní kí ẹnikẹ́ni má kó kòkó jáde, kí owó má bàa dé ọwọ́ Laurent Gbagbo. Kòkó kún ilé ìkẹ́rùsí Àbíjàn àti San-Pédro, kò sì lè jáde. Ní oṣù Kẹta, owó kọjá 3,700 dọ́là ní Niú Yọ́ọ̀kì. Wọ́n mú Gbagbo ní oṣù Kẹrin, ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ní àkókò tí àwòrán àsìkò ní kí ó gòkè.

Ti 2016 sí 2017 tẹ̀ lé àsìkò, ìyẹn gan-an ni ó fi léwu. Owó wà ní nǹkan bí 3,000 dọ́là ní àárín 2016. Ìkórè bẹ̀rẹ̀, owó wálẹ̀ bí wọ́n ti ń retí. Àwọn tí ń ka àwòrán rà á ní ìparí ọdún pé ó ti tó. Ṣùgbọ́n ti Ivory Coast fẹ́ kọjá mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù méjì fún ìgbà àkọ́kọ́, owó sì ń wálẹ̀ lọ títí ó fi rẹlẹ̀ ju 2,000 lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017. Àwọn oníṣòwò ìbílẹ̀ tí wọ́n ti gba àdéhùn tẹ́lẹ̀ láìdáàbò bo ara wọn kò lè mú un ṣẹ. Ní oṣù Kẹrin 2017, ìjọba gé owó àgbẹ̀ láti 1,100 sí 700 fáránkì lórí kílò kan.

Ti 2023 sí 2024 ló wá kọjá gbogbo rẹ̀. Òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá ní 2023 mú kí èso dúdú gbilẹ̀. Àrùn mìíràn tí ń wú ẹ̀ka igi ti ń jẹ oko tẹ́lẹ̀. Igi púpọ̀ ti gbó. Nígbà tí ọyẹ́ tẹ̀ lé e, ìkórè já kulẹ̀ ní Ivory Coast àti Gánà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní 2024, àárín gbùngbùn ìkórè ńlá, owó wà ní nǹkan bí 4,200 dọ́là. Kí oṣù Kẹta tó parí, ó kan 10,000. Ní oṣù Kẹrin, ó kọjá 11,000. Ní àárín oṣù Karùn-ún, ó ti jábọ́ sí nǹkan bí 7,000, ó sì tún padà gòkè kọjá 12,000 ní oṣù Kejìlá, nígbà tí ìkórè ńlá mìíràn ń lọ lọ́wọ́. Àwọn tí ó ti ta àdéhùn nítorí ìkórè rí ìparun. Kódà àwọn oníkòkó tí ó ní ẹrù gidi nílé ni wọ́n ń bèèrè owó lọ́wọ́ wọn lójoojúmọ́ láti fi ti àdéhùn tí wọ́n tà lẹ́yìn, títí owó fi tán lọ́wọ́ àwọn kan tí wọ́n sì kúrò nínú ọjà. Bí wọ́n ti ń kúrò, ẹni tí yóò tà dín kù, owó tún gòkè sí i.

Ẹ wo ohun tí ọdún kan ṣoṣo yìí ń ṣe sí àwòrán. Láti 4,200 sí 11,000, ìgòkè náà lé ní ìdá 160 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọdún 14 yòókù kò bá gòkè tí wọn kò sì wálẹ̀ rárá láàárín oṣù Kìn-ín-ní sí Kẹrin, àròpín ọdún 15 yóò ṣì fi ìgòkè tí ó lé ní ìdá 10 hàn. Ẹni tí kò mọ̀ yóò máa ra kòkó ní gbogbo oṣù Kìn-ín-ní nítorí àrùn kan tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ni kí a yọ ọdún kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí a tún ìṣirò ṣe. Bí àsìkò bá pòórá nígbà tí ọdún kan kúrò, ọdún yẹn ni, kì í ṣe àsìkò. Kí a sì tún pín àwọn ọdún 15 náà sí méjì, kí a wo bí apá àkọ́kọ́ àti apá ìkejì bá sọ ohun kan náà. Nínú kòkó, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n gbà fún ara wọn.

Ohun tí ó dájú jù nínú àsìkò, lójú tèmi, kò ní í ṣe pẹ̀lú bóyá owó yóò gòkè tàbí yóò wálẹ̀. Ìgbà tí ìròyìn yóò dé ni ó ń sọ fún wa. Láàárín oṣù Keje sí Kẹsàn-án, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń rán ènìyàn lọ ka èso lórí igi, oṣù yìí ni ìwọ̀n ìkórè tí ń bọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ní oṣù Kejìlá sí Kejì, ọyẹ́ ni gbogbo ojú ń wò. Ní oṣù Kìn-ín-ní, Kẹrin, Keje àti Kẹwàá, ìròyìn iye kòkó tí àwọn ọlọ́lọ̀ lọ̀ ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Éṣíà ń jáde. Oníkòkó tí ó mọ ọjọ́ wọ̀nyí mọ ìgbà tí kò yẹ kó fi ẹrù sílẹ̀ láìdáàbò bò ó. Ìyàtọ̀ láàárín àdéhùn oṣù Keje àti ti oṣù Kejìlá náà tún wúlò, nítorí pé kòkó ògbólógbòó àti kòkó titun ni ó ń fi wéra. Bí ti oṣù Keje bá wọ́n púpọ̀ ju ti oṣù Kejìlá lọ, ilé ìkẹ́rùsí ti ń gbẹ, ọjà sì ń sọ ọ́ síta.

Ẹ wo bí àsìkò oko àti owó ṣe tún yapa. Ní oṣù Kẹwàá 2025, ìjọba Ivory Coast dá 2,800 fáránkì fún kílò kan, iye tí ó ga jù nínú ìtàn wọn títí di ìgbà náà. Wọ́n dá a lórí kòkó tí wọ́n ti tà sílẹ̀ nígbà tí ọjà ṣì wọ́n. Ní oṣù Kọkànlá, owó Niú Yọ́ọ̀kì ti bọ́ sí nǹkan bí 5,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù. Nǹkan bí fáránkì 565 ni dọ́là kan nígbà náà, nítorí náà 2,800 lórí kílò jẹ́ bí 4,960 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù, kí ẹnikẹ́ni tó san owó ọkọ̀, àpò tàbí owó ibodè. Oníṣòwò tí kò tíì ta tẹ́lẹ̀ kò ní ìdí kan láti ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye yẹn. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sí ẹni tí ó dá iye kankan: ọ̀sẹ̀ tí owó Lọ́ńdọ̀nù wálẹ̀ náà ni oníkòkó ń dín ohun tí ó ń san kù, bí èso tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n lórí igi ní ìhà méjèèjì.